Ìyọ̀ǹda Onílẹ̀ Kì í Gbó

Nígbà tí a bá ti sin bàbá àgbà tán, tí àwọn àlejò ti túká, tí a sì ti kó àga tí a háyà padà fún ẹni tí ó ni ín, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ á ti ìlú ńlá dé, á mú àdá àti pèrègún lọ́wọ́, á ní òun fẹ́ mọ ààlà ilẹ̀ bàbá òun. Àwọn ọmọ aṣákọ́lẹ̀ á bi í pé ilẹ̀ wo? Wọ́n á ní ibẹ̀ ni a bí àwọn sí, ibẹ̀ ni a rì ìwọ́ àwọn mọ́, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ilé àwọn ti ń dáko níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi àwọn léèrè rí. Ọ̀rọ̀ náà á kúrò lẹ́nu, á di ti ọwọ́. Láti ọwọ́ á dé àgọ́ ọlọ́pàá. Láti ibẹ̀ á dé kóòtù, níbi tí ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n nígbà tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ti lè dàgbà di ẹlẹ́rìí.

Ìhà méjèèjì ló sábà máa ń ṣìnà. Aṣákọ́lẹ̀ gbàgbọ́ pé iye ọdún tí òun ti lò ni yóò sọ òun di onílẹ̀. Onílẹ̀ ní tirẹ̀ gbàgbọ́ pé bí ó ti wù kí òun sùn pẹ́ tó, ilẹ̀ òun kò lè ṣí lọ. Bẹ́ẹ̀ ohun àkọ́kọ́ tí adájọ́ máa ń fẹ́ mọ̀ kì í ṣe iye ọdún rárá. Ohun tí ó máa ń béèrè ni pé: báwo ni bàbá yín ṣe dé orí ilẹ̀ náà? Ṣé wọ́n fún un ni, tàbí ó wọ ibẹ̀ fúnra rẹ̀?

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fún un láti dáko ni, ọ̀rọ̀ nípa ọdún ti parí níbẹ̀. Ní àṣà ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó bá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí onílẹ̀, tí ó gbé obì àti ọtí wá, tí olórí ẹbí sì na ọwọ́ sí ìgbó kan fún un pé kí ó máa dáko níbẹ̀, ẹni náà di aṣákọ́lẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ tí ó ń san lọ́dọọdún, ìbáà ṣe iṣu mẹ́wàá, ìbáà ṣe epo garawa kan, ìbáà ṣe owó, kì í ṣe owó orí ilẹ̀ náà. Ẹ̀rí ni. Ohun tí ó ń sọ ní gbangba lọ́dọọdún ni pé, “Ilẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi, ẹ̀yin ni ẹ fi mí síbẹ̀.” Nítorí náà, ì báà lo ọgọ́rùn-ún ọdún, ọgọ́rùn-ún ọdún ìyọ̀ǹda ni ó lò, ìyọ̀ǹda kì í sì í gbó di ìní. Ohun tí bàbá kò ní, ọmọ kò lè jogún rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé má rò pé àṣà yìí ń ni aṣákọ́lẹ̀ lára. Ohun tí àṣà fún un pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń hùwà dáadáa, kò sí ẹni tí ó lè lé e. Ilẹ̀ náà á wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á bọ́ sí ipò rẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ náà á tẹ̀lé e. Onílẹ̀ kò lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí ó sọ pé òun ti rí ẹlòmíràn tí yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kódà bí aṣákọ́lẹ̀ bá jẹ gbèsè ìṣákọ́lẹ̀ fún ọdún mélòó kan, gbèsè náà nìkan kò tó láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí ó sọ pé òun ni onílẹ̀, tàbí kí ó ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn láìsọ fún ẹni tí ó fi í síbẹ̀. Kí a tilẹ̀ gbà pé ó ṣe èyí, onílẹ̀ kò ní agbára láti kó jàǹdùkú lọ tú u ká; kóòtù ni yóò lọ, adájọ́ lè gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ aṣákọ́lẹ̀, ó sì lè dárí jì í kí ó ní kí ó padà máa san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Aṣákọ́lẹ̀ tí ó jẹ́wọ́ onílẹ̀ ní ibùgbé tí kò lópin. Èyí tí ó pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀ kò jèrè ilẹ̀, ó sì fi ibùgbé tí ó ní tẹ́lẹ̀ sínú ewu. Ọ̀pọ̀ ló kó sínú ewu yìí nígbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 1978. Òkìkí kàn pé Gómìnà ti gba gbogbo ilẹ̀, pé kò sí onílẹ̀ mọ́, pé ẹni tí ó bá ń dáko lórí ilẹ̀ ni ó ni ín. Àwọn aṣákọ́lẹ̀ kan so ìṣákọ́lẹ̀ mọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ nínú ẹjọ́ Abíóyè àti Yàkúbù, ní 1991 ni àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà kò pa àjọṣe onílẹ̀ àti aṣákọ́lẹ̀ run. Ẹni tí ó jẹ́ aṣákọ́lẹ̀ kí òfin tó dé ṣì jẹ́ aṣákọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ó dé.

Ti ẹni tí ó wọ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, láìtọrọ, yàtọ̀. Òun ni ọdún lè ṣe láǹfààní, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi gbogbo. Lábẹ́ òfin tí ó ń díwọ̀n àkókò ẹjọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 12 láti gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Bí ó bá jẹ́ ti ìjọba, ọdún 20 ni. Bí àkókò yìí bá kọjá, tí ẹni tí ó wọ ilẹ̀ náà ti di í mú ní gbangba láìdáwọ́ dúró, kì í ṣe pé ẹnu onílẹ̀ pa mọ́ ní kóòtù nìkan ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà gan-an ti kú. Kíké àti ìpariwo kò sì lè dá ọdún náà dúró. Bí lọ́yà bá kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ mẹ́wàá, ọdún ṣì ń lọ. Ohun tí ó ń dá a dúró ni kí ìwé ẹjọ́ ti wọ kóòtù, tàbí kí onílẹ̀ ti padà gba ilẹ̀ rẹ̀ ní ti gidi, tàbí kí ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ̀ pé ti onítọ̀hún ni. Ọjọ́ tí ó bá fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún láti orí ọ̀kan.

Ní apá Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́, òfin irú èyí tí wọ́n ṣe ní 1959 yọ ilẹ̀ tí a dì mú lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 12 wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò kan ilẹ̀ ẹbí tí a jogún láti ọwọ́ àwọn baba ńlá. Èyí ni àwọn ọmọ onílẹ̀ gbọ́ tí wọ́n fi ń fọkàn balẹ̀ sùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jìn sí kòtò. Bí òfin àkókò kò bá kan ilẹ̀ wọn, òfin ẹ̀rí ọkàn kàn án. Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ á bá a dákẹ́: àwọn adájọ́ ti fi ọ̀rọ̀ yìí dá ẹjọ́ láìpa á lówe. Nínú ẹjọ́ Oṣòdì àti Balógun, tí ó dá lórí ilẹ̀ Ẹpẹ́tẹ̀dó ní Èkó, tí ìdájọ́ rẹ̀ jáde ní 1936, ìdílé tí ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń ra ilẹ̀, tí wọ́n ń kọ́lé sí i, tí ó sì ń wò wọ́n níran, kò rí ilẹ̀ náà gbà padà.

Kì í ṣe iye ọdún ni ó ṣubú lu onílẹ̀ níhìn-ín, bí kò ṣe ohun mẹ́ta tí ó pàdé: ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ fi òótọ́ inú gbà pé tòun ni, ó náwó sí i, onílẹ̀ mọ̀, ó rí i, kò sì sọ nǹkan kan. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ìgbèjà náà wó. Aṣákọ́lẹ̀ kò lè rí i lò nítorí pé ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tòun. Ẹni tí ó sì lè rí i lò, asà ni ó rí, kò rí idà. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ ní 1968, nínú ẹjọ́ Dà Kọ́sítà àti Ìkómì, pé pípẹ́ lórí ilẹ̀ wúlò fún gbígbèjà ara ẹni ju fún gbígbógun ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lé lè fi í dúró. Ẹni tí ó bá fi òun nìkan lọ bẹ kóòtù pé kí wọ́n sọ òun di onílẹ̀, òfìfo ni yóò sábà bá bọ̀.

Àpẹẹrẹ kan yóò mú un yé ni. Ní 1958, ìdílé Lágbájá fún Tẹ̀mẹ̀dù ní éékà mẹ́rin láti máa gbin iṣu àti àgbàdo. Wọ́n ní kí ó má gbin kòkó, kí ó má sì fọwọ́ kan ọ̀pẹ, nítorí pé ti onílẹ̀ ni wọ́n. Lọ́dọọdún ni Tẹ̀mẹ̀dù ń gbé iṣu àti epo lọ. Ní 1985, olórí ẹbí Lágbájá kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, ojú ń tì wọ́n láti wá gba iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní 2003, ọmọ Tẹ̀mẹ̀dù ta púlọ́ọ̀tì méjì nínú ilẹ̀ náà fún Làkáṣègbè, ẹni yìí sì kọ́ ilé sí ọ̀kan nínú wọn. Ní 2019, ọmọ ọmọ Lágbájá dé pẹ̀lú àdá àti pèrègún.

Ti ọmọ Tẹ̀mẹ̀dù ni ó rọrùn jù. Ọdún 61 kò fún un ní nǹkan kan, nítorí pé ìyọ̀ǹda ni bàbá rẹ̀ fi wọlé. Ọdún 34 tí ẹnikẹ́ni kò fi gba iṣu náà kò sọ ọ́ di onílẹ̀, ó kàn jẹ́ pé onílẹ̀ kò gba ohun tí ó tọ́ sí i ni. Títà tí ó ta ilẹ̀ ni ó fi fọwọ́ ara rẹ̀ fa ewu: ìdílé Lágbájá lè bẹ kóòtù pé kí ó gba gbogbo éékà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ti Làkáṣègbè ni ó le. Ó ra ohun tí ẹni tí ó tà á kò ní, nítorí náà ìwé tí ó gbà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé òun gbà tọkàntọkàn pé ilẹ̀ ẹni tí ó ta á fún òun ni, pé àgbà kan láti ìdílé Lágbájá tí ó ṣì ń gbé ìlú wà níbẹ̀ nígbà tí òun fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, tí ó jẹ, tí ó mu, tí ó sì gbàdúrà, tí ìdílé náà sì ń gba iwájú ilé náà kọjá fún ọdún 16, adájọ́ lè kọ̀ láti lé e kúrò nínú ilé yẹn. Púlọ́ọ̀tì kejì tí kò fọwọ́ kàn kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò náwó kankan sí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ da yanrìn síbẹ̀ ni ìdílé Lágbájá ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, tí Làkáṣègbè sì fi agídí kọ́lé lọ, ilé náà kò ní gbà á sílẹ̀.

Kí wá ni ìtìjú àwọn ọmọ Lágbájá jẹ́? Wọ́n pè é ní ọ̀làwọ́. Àwọn ènìyàn a máa yìn wọ́n pé wọn kò ni tálákà lára. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ń gba iṣu kan ṣoṣo lọ́dún, tàbí obì mẹ́rin, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ọmọ Tẹ̀mẹ̀dù kì bá tí gbàgbé ẹni tí ó ni ilẹ̀, Làkáṣègbè kì bá tí sọ owó rẹ̀ nù sínú ọ̀fìn. Bí àánú ni ó sì ń ṣe wọ́n ní tòótọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yọ̀ǹda ìṣákọ́lẹ̀ náà, àwọn kò yọ̀ǹda ilẹ̀. Ọ̀làwọ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí ló ń bí ẹjọ́.

Ó ku ọ̀nà odò. Láàárín éékà mẹ́rin yìí ni ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gbà kọjá, èyí tí ẹni tí ó ni oko ẹ̀yìn, tí oko náà jẹ́ tirẹ̀ gan-an, máa ń tọ̀ lọ pọn omi àti láti kó irè oko jáde. Ẹ̀tọ́ láti gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá kì í ṣe níní ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ni ó so mọ́, kì í ṣe ènìyàn. Bí a bá ta ilẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ̀tọ́ náà bá a lọ. A lè fi ìwé fúnni. Ó sì lè ti inú ìnira wá: bí onílẹ̀ bá ta apá ẹ̀yìn ilẹ̀ rẹ̀ tí kò sí ibòmíràn tí olùrà lè gbà jáde, òfin gbà pé ó ta ọ̀nà mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni pípẹ́. Òfin Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún ní bí ènìyàn bá ti gba ibẹ̀ kọjá fún ogún ọdún, láìlo agbára, láìyọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí kò sì tọrọ àyè, a ó gbà pé ẹnì kan ti fún un ní ẹ̀tọ́ náà rí.

Ọ̀rọ̀ “láìtọrọ àyè” ni kí òǹkàwé dúró lé. Ìyọ̀ǹda kan náà tí ó dènà Tẹ̀mẹ̀dù ni ó tún jókòó sí ojú ọ̀nà yìí. Bí àgbẹ̀ oko ẹ̀yìn bá jẹ́ ọmọlúàbí, tí ó máa ń mú obì lọ kí onílẹ̀ lọ́dọọdún pé, “Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí a máa kọjá,” ọgbọ̀n ọdún rẹ̀ kò jámọ́ nǹkan, wọ́n lè dí ọ̀nà mọ́ ọn lọ́la. Bí ó bá jẹ́ aláìbìkítà tí kì í kí ẹnikẹ́ni, tí ó kàn ń kọjá lọ, ó ti ní ẹ̀tọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ilẹ̀ tí a fi ń dáko, òfin yìí bá àṣà mu. Níbi tí ó bá kan ọ̀nà odò, ó fìyà jẹ ẹni tí ó mọ ìwà hù. Lójú àwọn àgbà, ọ̀nà odò kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dí mọ́ ẹnì kejì, obì tí ó bá sì wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kọjá, ìkíni ni, kì í ṣe ìtọrọ. Adájọ́ tí kò bá béèrè ohun tí obì náà túmọ̀ sí kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà tán. Ṣùgbọ́n kí ó tó di pé a ń wá adájọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé ojú kan tí onílẹ̀ fọwọ́ sí, tí ó sọ ibi tí ọ̀nà gbà àti bí ó ti fẹ̀ tó, sàn ju ogún ọdún lọ.

Ọ̀nà tí a bá ti ní, kì í ṣe nípa pé koríko hù sí i ni a ń pàdánù rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ hàn pé a kọ̀ ọ́ sílẹ̀ pátápátá, bí ìgbà tí ẹni tí ó ni ín bá fúnra rẹ̀ mọ odi dí i. Ó ń parí bí a bá fi ìwé yọ̀ǹda rẹ̀, tàbí bí ẹnì kan náà bá ra ilẹ̀ méjèèjì, nítorí pé kò sí ẹni tí ń tọ ọ̀nà lórí ilẹ̀ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò. Èyí tí ìnira bí ń kú nígbà tí ìnira bá tán. Ẹni tí ó sì ní ọ̀nà ẹsẹ̀ kò lè sọ ọ́ di ọ̀nà ọkọ̀ akóyanrìn.

Èèwọ̀ kòkó àti ọ̀pẹ tí wọ́n fi lélẹ̀ fún Tẹ̀mẹ̀dù jọ ohun kẹta tí òfin mọ̀, ìyẹn májẹ̀mú tí ń ka nǹkan léèwọ̀ lórí ilẹ̀ tí a tà. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti Tẹ̀mẹ̀dù ń gba agbára láti inú ìṣákọ́lẹ̀. Ti olùrà ń gba agbára láti inú ìwé nìkan, kò sí iye ọdún tí ó lè bí i. Bí ẹnì kan bá ta apá kan ilẹ̀ rẹ̀, tí olùrà sì ṣèlérí pé òun kò ní sọ ibẹ̀ di ilé ọtí tàbí kọ́ ilé alájà púpọ̀ síbẹ̀, ìlérí náà lè de ẹni tí olùrà tún tà á fún, bí ó bá jẹ́ èèwọ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ tí a ní kí ó ṣe, bí ó bá wà fún àǹfààní ilẹ̀ tí ó kù lọ́wọ́ ẹni tí ó tà, tí olùrà tuntun sì mọ̀ nípa rẹ̀ kí ó tó rà. Ọgbà kan ní àárín Lọ́ńdọ́nù, ní Lẹ́sítà Sukúéà, ni ìlànà yìí ti wá, nínú ìdájọ́ 1848 kan tí ó ní kí ẹni tí ó ra ọgbà náà má kọ́ ilé sí i. Ẹni tí ó bá jókòó wo aládùúgbò mẹ́ta tí wọ́n sọ ilé wọn di ilé ọtí, tí ó wá dìde mú ẹkẹrin, yóò rí i pé májẹ̀mú náà ti kú sí òun lọ́wọ́.

Ní ti ìdílé Lágbájá àti àwọn ọmọ Tẹ̀mẹ̀dù, ìpàdé ẹbí ṣì lè ṣe ohun tí ó sàn ju ti kóòtù lọ: kí àwọn ọmọ Tẹ̀mẹ̀dù gbé obì wá, kí wọ́n jẹ́wọ́ ẹni tí ó fi bàbá wọn síbẹ̀, kí wọ́n dá owó púlọ́ọ̀tì kejì padà fún Làkáṣègbè, kí òun náà sì wá bá onílẹ̀ tòótọ́ sọ iye tí yóò san lórí èyí tí ilé rẹ̀ wà. Kí wọ́n pe asúféyọ̀ kí ó fi ọ̀nà odò sínú àwòrán ilẹ̀ náà, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i.